Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí àwọn oníbàárà kọ́tìnnì mi ti ń wá? (Àbájáde oṣù àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀)

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Kọ́tìnnì là ń rán l'Akóbọ̀ níbí. A máa ń lọ wọn fèrèsé nílé oníbàárà ká tó dá iye lé e. A ní sáìtì kan tí wọ́n fi Wọ́ọ̀dùpírẹ́ẹ̀sì ṣe. Kò sí ibi ìsanwó lórí rẹ̀ o, bọ́tìnnì Wásáàpù, nọ́ńbà ìpè àti fọ́ọ̀mù kékeré kan ló wà níbẹ̀. Mò ń sanwó ìpolówó Fesibúùkù lóṣooṣù, oníbàárà náà sì ń wá, àmọ́ mi ò lè sọ ẹni tí ìpolówó yẹn mú wá. Kí ni kí n ṣe kí n lè mọ ibi tí àwọn tó ń béèrè ti ń wá, àti èwo nínú wọn ló dowó?

Bọ̀dé_Sáńgó

Àǹtí, kò le rárá. Ẹ ṣí Google Analytics, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `G-`. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe sáìtì yín fi sí gbogbo ojú-ìwé. Ó parí. Fúnra rẹ̀ ló máa ka iye ènìyàn tó wá, ibi tí wọ́n ti wá àti bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Bọ̀dé ò purọ́, àmọ́ ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí ni iṣẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, Analytics máa ń ka líǹkì tó bá gbé ènìyàn kúrò lórí sáìtì láìjẹ́ pé ẹ rán an. Bọ́tìnnì Wásáàpù wà lára wọn, torí pé `wa.me` kì í ṣe àdírẹ́sì tiyín. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ló máa fún gbogbo wọn, `click`. Ẹni tó lọ wo àwòrán lórí Instágíráàmù yín àti ẹni tó fẹ́ ra kọ́tìnnì yàrá mẹ́ta yóò jọ wà nínú àpò kan náà. Líǹkì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `tel:` ní tirẹ̀, kò ní kà á rárá.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wọ `Admin`, ẹ lọ sí `Events`, ẹ tẹ `Create event`. Ẹ pe tuntun náà ní `wasaapu_te`, àlàfo ò gbọdọ̀ sí nínú orúkọ náà. Nǹkan méjì lẹ máa ní kó wò: kí `event_name` jẹ́ `click`, kí `link_url` sì ní `wa.me` nínú. Ẹ wá sọ ọ́ di `key event`, kó lè máa jáde lọ́tọ̀ nínú àbájáde. Kì í padà sẹ́yìn o. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a sílẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí náà ẹ tètè ṣe é.

Fún ìpè, ẹ ní kí ẹni tó ṣe sáìtì yín fi èyí sára nọ́ńbà náà:

```
<a href="tel:+234XXXXXXXXXX"
   onclick="gtag('event','foonu_te')">
```

Ní ti fọ́ọ̀mù, ẹ má gbára lé `form_submit` tí Analytics ń kà fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tó ka fọ́ọ̀mù tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gbé ènìyàn lọ sí ojú-ìwé «a ti rí i gbà» kan, kí ẹ wá ka àwọn tó bá dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó jáde kúrò nínú `Admin`, ẹ wò ó bóyá àkókò Nàìjíríà àti náírà ló wà níbẹ̀. Ẹ tún wo `Data retention`. Oṣù méjì ló máa ń wà, ẹ fi sí oṣù 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ tú ìsọfúnni yín wò fínnífínní lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò ní bá a.

Ìyá_Ẹjagbígbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní sáìtì ní tèmi. Orí sitétọ́ọ̀sì Wásáàpù ni mo ti ń ta ẹja gbígbẹ l'Àpáta. Báwo ni mo ṣe máa fi `G-` yẹn sórí sitétọ́ọ̀sì mi?

Bọ̀dé_Sáńgó

Ìyá, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Bọ̀dé, jọ̀ọ́, má ṣi màmá lọ́nà. Ẹ má dá a lóhùn, ìyá. Orí sáìtì nìkan ni nǹkan yẹn ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀nà tó fi lè wọ sitétọ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ Wásáàpù oníṣòwò lẹ ń lò, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Labels` sí. Wọ́n ti ṣe àwọn kan sílẹ̀ fún yín, bíi `New customer`, `Pending payment` àti `Paid`. Ẹ lè fi kún un: «sitétọ́ọ̀sì», «ẹni tí oníbàárà kan rán wá». Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tó bá béèrè lọ́jọ́ tó béèrè gan-an, nígbà tó yá ẹ ò ní rántí mọ́. Fún ọjà tiyín, ìyẹn tó.

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó ń bá mi mójú tó sáìtì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì Wásáàpù lórí fóònù mi, ó sì jáde lójú ẹsẹ̀ lábẹ́ `Realtime`. Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Analytics á sọ pé ẹnì kan tẹ Wásáàpù. Tẹ́ni náà bá wá bá mi sọ̀rọ̀, báwo ni n ṣe máa mọ̀ pé òun ni? Kò sẹ́ni tó ń kọ «mo wá láti Fesibúùkù» síbẹ̀.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà Wásáàpù ni Analytics ń dúró sí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Owó yín kò kọjá lórí sáìtì, báǹkì ló gbà wọlé. Nítorí náà, àmì ìpolówó gbọ́dọ̀ bá oníbàárà wọ inú Wásáàpù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́wọ́ ara yín.

Líǹkì Wásáàpù lè gbé ọ̀rọ̀ kan dání tí oníbàárà á kàn fi ránṣẹ́. A máa fi àmì kúkúrú sí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́kọ́, gbogbo líǹkì tí ẹ bá fi síta láti mú ènìyàn wá sí sáìtì gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Fún ìpolówó Fesibúùkù, ẹ fi èyí sí ìdí àdírẹ́sì:

```
?utm_source=facebook&utm_medium=paid_social&utm_campaign=F1
```

Fún líǹkì tó wà lórí ilé ìtajà yín nínú máàpù Gúgù:

```
?utm_source=google&utm_medium=organic&utm_campaign=M1
```

Kí ti Instágíráàmù jẹ́ `I1`. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ máa fi kọ `facebook` nígbà gbogbo, torí pé lójú Analytics, `Facebook` àti `facebook` kì í ṣe ẹnì kan náà. Ẹ má sì kọ ọ́ ní `fesibuuku`, kò mọ orúkọ yẹn, kò ní kó o sáàárín àwọn ìpolówó orí ìkànnì ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí ọmọ yẹn fi èyí sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú-ìwé. Ó ń ka àmì náà, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ líǹkì Wásáàpù:

```
var k = new URLSearchParams(location.search).get('utm_campaign');
if (k) localStorage.setItem('ami', k);
var a = localStorage.getItem('ami') || 'T0';
document.querySelectorAll('a[href*="wa.me"]').forEach(function (l) {
  l.href += '%20(' + a + ')';
});
```

Kó lè ṣiṣẹ́, líǹkì tó wà lórí bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ ti ní `?text=` pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníbàárà á rí «Ẹ káàsán, mo fẹ́ béèrè nípa kọ́tìnnì (F1)». Kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá jẹ́ `T0`, ó wá láìní àmì kankan. Nígbà mìíràn ó wá a fúnra rẹ̀ lórí Gúgù, nígbà mìíràn ọ̀rẹ́ ló fi líǹkì ránṣẹ́ sí i. Àwọn kan á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọ́n á kọ tiwọn. Ìwọ̀nyẹn lẹ máa fi ẹnu bi.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà wá ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ọjọ́ tó béèrè, àmì, àdúgbò, ṣé a ti lọ wọn fèrèsé, iye tó san, ọjọ́ tó san. Mo ní ọjọ́ tó BÉÈRÈ, kí ẹ má fi ọjọ́ ìsanwó dípò rẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ lópin oṣù.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú Analytics o, bóyá ó rò pé á rọrùn láti fi so wọ́n pọ̀. Gúgù fúnra rẹ̀ kò fàyè gbà á, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì ti wà ní Nàìjíríà. Inú ìwé àkọsílẹ̀ yín ni kí nọ́ńbà máa wà, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń ṣí i.

Oníbàtà_Gbági

Mo ti ń tẹ̀lé yín bọ̀ láti òkè. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Lórí sáìtì mi ni wọ́n ti ń sanwó bàtà pẹ̀lú káàdì. Bí mo bá wo ibi tí àwọn tó rajà ti wá, bíi gbogbo wọn ló ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì làwọn ti wá. Ta ló ń lọ sí sáìtì ìsanwó kó tó wá ra bàtà?

Ònkà_Dùgbẹ̀

Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sáìtì yín ló rán wọn lọ síbẹ̀ láti sanwó, nígbà tí wọ́n padà, Analytics rò pé àlejò tuntun ni wọ́n. Ẹ wọ `Data streams`, ẹ mú ti sáìtì yín, ẹ wá `Configure tag settings`, lẹ́yìn náà `List unwanted referrals`. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ìsanwó náà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò tún ṣe, èyí tó ti kọjá ti kọjá. Ẹ sì rí i dájú pé `purchase` yín ń gbé `transaction_id` dání, torí pé ẹni tó bá tún ojú-ìwé ìdúpẹ́ ṣí lè di ẹni tó ra bàtà méjì.

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

A ti fi gbogbo rẹ̀ sí i. Àmì ti ń wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ kọ (M1), Olúyọ̀lé ló ti ń pè. N ó padà wá lópin oṣù.

*— oṣù kan kọjá —*

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù ti pé, àbájáde rèé, àmọ́ ó dàrú mọ́ mi lójú díẹ̀.

Analytics ní ènìyàn 860 ló wá sí sáìtì. Ó ní wọ́n tẹ Wásáàpù nígbà 132, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìpè nígbà 52, fọ́ọ̀mù 5. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mi, ènìyàn tuntun 74 péré ló bá mi sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù. Níbo ni àwọn yòókù wọlé sí?

Nínú 74 yẹn:

F1 (ìpolówó Fesibúùkù): 41 béèrè, a wọn fèrèsé ẹni 9, ẹni 3 sanwó, ₦390,000.
M1 (máàpù): 17 béèrè, a wọn ti ẹni 10, ẹni 6 sanwó, ₦1,140,000.
I1 (Instágíráàmù): 6 béèrè, a wọn ti ẹnì kan, kò sẹ́ni tó san.
T0: 10 béèrè, a wọn ti ẹni 4, ẹni 2 san, ₦310,000.

₦90,000 ni mo ná lórí ìpolówó. Ṣé kí n pa á ni? Máàpù tí mi ò san kọ́bọ̀ fún ló gbówó wá jù.

Bọ̀dé_Sáńgó

Ẹ pa á kíá! Ẹni 3 nínú 41? Ìyẹn ò dáa rárá. Ẹ tún wo ibi tí Analytics kọ `City` sí. Mo mọ̀ pé Èkó ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ìpolówó yín Èkó ló ń lọ, ẹ̀yin sì wà n'Ìbàdàn.

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Háà, Bọ̀dé, o mọ̀ ọ́n o! Èkó ló wà lókè pátápátá lóòótọ́. Ó ju ìdajì lọ.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ẹ ní sùúrù ná. Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ ìwé bẹ́ẹ̀ dé òpin oṣù kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 132 àti 74 kúrò nílẹ̀ ná. Iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni 132. Ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ojú-ìwé kọ́tìnnì pálọ̀, ó tẹ̀, ó padà, ó tún tẹ̀. Ẹ wo iye ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, `Total users` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú ìyókù, àwọn kan ṣí Wásáàpù wọn kò fi ránṣẹ́. Àwọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, wọ́n bá ojú-ìwé kan tó ní kí wọ́n wá so fóònù pọ̀, ó sú wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín náà ń fi hàn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò lè fi àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì yọ àwọn yẹn, torí pé dátà fóònù ń pààrọ̀ rẹ̀ ṣáá. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n tọ́jú líǹkì tó ní `utm_source=ile&utm_medium=ile&utm_campaign=X9`, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wọlé, ẹ máa rí wọn lọ́tọ̀. Ẹ má wá bí ẹ ṣe máa mú kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, wọn kì í dọ́gba. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni bí àlàfo náà bá ṣàdédé fẹ̀ lóṣù kan ju òmíràn lọ. Nígbà náà, bọ́tìnnì ti bàjẹ́ tàbí nọ́ńbà inú rẹ̀ ti yí padà.

Ó kan ọ̀rọ̀ Èkó. Bọ̀dé, nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni kó o ti wò ó, kì í ṣe nínú `City`. Àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ni Analytics fi ń ro ìlú tí ènìyàn wà. Dátà ẹni tó jókòó sí Ọ̀jọ́ọ̀ lè gba Èkó kọjá kó tó jáde, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Èkó ló wà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, nínú 41 tí àmì wọn jẹ́ F1, mélòó ni àdúgbò wọn wà n'Ìbàdàn?

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Mo ti kà wọ́n. 26 wà n'Ìbàdàn: Akóbọ̀, Bódìjà, Mọníyà, Àpáta, káàkiri. 15 kò sí níbí. Èkó wà níbẹ̀, Abúlé-Ẹ̀gbá àti Ajah, ẹni tó pè láti Àbújá náà wà. A kì í lọ wọn fèrèsé níbẹ̀, mo kàn ń bẹ̀ wọ́n ni.

Bọ̀dé_Sáńgó

Ṣé ẹ rí i? Èkó ni mo sọ.

Ònkà_Dùgbẹ̀

O sọ ọ́, ibi tó o wò ló fọ́. Tó bá jẹ́ `City` la gbà gbọ́ ni, a ó rò pé ó ju ìdajì lọ, ẹni 15 nínú 41 ni. Àǹtí, ẹ bi ọmọ tó ń ṣe ìpolówó yín, ibo ló yàn nínú ìpolówó náà? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Nàìjíríà lápapọ̀. Kó fi sí Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí àwọn F1 béèrè. Mélòó ló wá ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn?

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

19! Mo fi owó kún ìpolówó nígbà yẹn torí pé iṣẹ́ dákẹ́. Ẹnì kan péré la tíì lọ bá nínú wọn, kò tíì san. Àwọn tó kù ń sọ pé «a máa pè yín tí owó oṣù bá wọlé».

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ìdí tí mo fi ní ọjọ́ tó béèrè nìyẹn. Àwọn 19 yẹn kò tíì pọ́n. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó ti pẹ́, ìpolówó á dà bí èyí tó burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ mú àwọn 22 àkọ́kọ́: ẹ wọn ti ẹni 8, ẹni 3 san. Lára máàpù, ẹni 6 san nínú 17. Máàpù ṣì dáa jù, kò sí àríyànjiyàn, àmọ́ ọ̀nà wọn kò jìn síra tó bí Bọ̀dé ṣe rò.

Ẹ sọ fún mi, nínú ₦100 tí oníbàárà bá san, èló ló kù lẹ́yìn aṣọ, iṣẹ́ rírán, ọ̀pá àti ọkọ̀?

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Bí ₦35, nígbà tí aṣọ kò bá gbówó lórí. Ọ̀kan nínú ẹni 3 yẹn, ilé tuntun gbogbo ni, ₦240,000 ló san.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ó dáa. 35% nínú ₦390,000 jẹ́ ₦136,500. Yọ ₦90,000 kúrò, ó ku ₦46,500. Ìpolówó jèrè, kò tóbi. Àmọ́ ẹ yọ ilé tuntun yẹn, ó ku ₦150,000. 35% rẹ̀ jẹ́ ₦52,500, ẹ ti ná ₦90,000. Òfò ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pinnu bóyá oṣù náà dára tàbí kò dára. Nítorí náà, mi ò lè fi ẹni 3 sọ pé ìpolówó yìí dára, mi ò sì lè fi sọ pé kó kú. Ohun tó hàn kedere láìsí iyèméjì ni 15 tó wà níta Ìbàdàn. Owó yẹn ń ṣòfò, ẹ dá a dúró lónìí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀ lórí máàpù. Iṣẹ́ ìpolówó ni mò ń ṣe. Ènìyàn á rí kọ́tìnnì lórí Fesibúùkù, kò ní tẹ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, ó rántí orúkọ náà, ó wá a lórí Gúgù, ó ti máàpù wọlé. M1 ni ẹ máa kọ. Ta ló mú un wá?

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Ó ṣẹlẹ̀ o! Ìyàwó kan ní Òkè-Àdó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí a lọ wọn fèrèsé rẹ̀. M1 ló wà nínú ìwé mi.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Mo gbà. Àmì yìí ń sọ ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, kò sọ ohun tó mú un kúrò nílé. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ máa bi gbogbo ẹni tí ẹ bá lọ wọn fèrèsé rẹ̀ pé «Níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí wa?», kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ìlà kejì, kí ẹ má pa M1 rẹ́. Ẹni 24 lẹ lọ bá lóṣù yìí, kò pọ̀ jù láti bi.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ènìyàn kì í rántí. Wọ́n á ní «Íńtánẹ́ẹ̀tì». Kí wọ́n pa ìpolówó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a wò ó bóyá M1 máa dín kù.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ẹni 17 lóṣù kan, bí ẹni 4 lọ́sẹ̀. Tó bá di 3, ṣé ìpolówó ni, àbí òjò, àbí owó iléèwé àwọn ọmọ? Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní sọ ohunkóhun fún wa. Tó bá jẹ́ 170 ni, mo máa bá ọ gbà á.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Oṣù méjì ńkọ́? Mi ò gbà pé kò ṣeé wọ̀n.

Oníbàtà_Gbági

Kí ẹ tó jà tán, ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu ba ìpè. Wọ́n tẹ nọ́ńbà nígbà 52. Àwọn tó pè kò sí nínú 74 yẹn rárá, wọn ò sì ní àmì lórí. Èmi ra síìmù lọ́tọ̀ fún sáìtì mi. Ohun tó bá dún lórí rẹ̀, sáìtì ló mú un wá.

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Ótì o, ọ̀gá mi. Nọ́ńbà mi ti wà lára ọkọ̀, lára báàgì, gbogbo oníbàárà àtijọ́ ló mọ̀ ọ́n. Tí nọ́ńbà mìíràn bá wà lórí sáìtì, wọ́n á ní oníjìbìtì ni. Ẹni 3 ló pè tó sì ra nǹkan lóṣù yìí, mi ò tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ èyí tí mo kọ sókè, torí pé mi ò mọ ibi tí n ó fi wọ́n sí.

Ònkà_Dùgbẹ̀

Ẹ fi wọ́n sí P0, kí iye oníbàárà inú ìwé lè bá ti báǹkì mu. Síìmù yẹn wúlò, àmọ́ sáìtì nìkan ló máa sọ fún yín, kò ní sọ F1 tàbí M1. Máàpù náà sì ní bọ́tìnnì ìpè tirẹ̀ tí kò gba sáìtì kọjá rárá. Iye rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Gúgù, nínú ojú-ìwé tí ẹ fi ń bójú tó ilé ìtajà yín. Ẹ wo ibẹ̀. Èmi fúnra mi kò ní ọ̀nà tó mọ́ fún ìpè.

Aránkọ́tìnnì_Akóbọ̀

Mo ti bi ọmọ tó ń ṣe ìpolówó. Nàìjíríà gbogbo ló yàn lóòótọ́. Ó ti yí i sí Ìbàdàn, mo sì dín owó rẹ̀ kù sí ₦60,000 fún oṣù yìí, torí pé àwọn 15 yẹn kò ní sí mọ́. Mi ò ní pa á. N ó máa bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n sọ.

Ẹni 2 nínú àwọn 19 sanwó láàárọ̀ yìí, ₦175,000 lápapọ̀. Ṣé oṣù yìí ni n ó kọ ọ́ sí?

Ònkà_Dùgbẹ̀

Nínú ìwé báǹkì, oṣù yìí. Nínú ìwé F1, oṣù tó kọjá, torí pé owó ìpolówó oṣù tó kọjá ló mú wọn wá. Ẹni 5 nínú 41 nìyẹn, ₦565,000.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Bọ̀dé ti dákẹ́.

Bọ̀dé_Sáńgó

Mò ń fi àmì sórí líǹkì tèmi ni. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹnì kan bá ti F1 wọlé lónìí, tó wá ti M1 wọlé lọ́la, kóòdù yẹn máa fi M1 bo F1 mọ́lẹ̀, àbí?

Ònkà_Dùgbẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Tó o bá fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dúró, kọ ìlà kejì báyìí:

```
if (k && !localStorage.getItem('ami')) localStorage.setItem('ami', k);
```

Ṣùgbọ́n mú ọ̀kan, kó o má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù.

Ìyá_Ẹjagbígbẹ

Mo ti ṣe `Labels` yẹn o. Ó ní 20 ni n lè ṣe mọ. Ṣé kí n pa `Pending payment` rẹ́? Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí kò bá sanwó kò ní rí ẹja gbé lọ.